Lẹ́tà sí àbúrò mi tó fẹ́ fẹ̀yìntì

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Bàbá Ìbejì,

Ó ku oṣù mẹ́ta kí o pé ọgọ́ta ọdún, kí o sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Nígbà tí o pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, o ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo owó tí wọ́n bá lè kó fún mi lẹ́ẹ̀kan náà ni mo fẹ́ gbà. Pẹ́ńṣọ̀n oṣooṣù á máa bọ̀ ní tiẹ̀." Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Ohun tí èmi náà sọ gẹ́lẹ́ nìyẹn lọ́dún tí mo fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀.

Kì í ṣe pé pẹ́ńṣọ̀n á máa bọ̀ ní tiẹ̀. Inú ìkòkò kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń jáde. Láyé bàbá wa, ìjọba ló ń san gírátúítì láti àpò ara rẹ̀, á sì tún máa san pẹ́ńṣọ̀n. Òfin ọdún 2004 ló yí i padà fún àwa òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, èyí tí wọ́n sì ṣe ní 2014 rọ́pò rẹ̀. Nínú owó oṣù rẹ, owó ilé àti owó ọkọ̀, wọ́n ń yọ náírà mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, ìjọba náà sì ń fi mẹ́wàá kún un. Gbogbo rẹ̀ ló ń lọ sínú àkáǹtì tí orúkọ rẹ wà lórí rẹ̀, ilé-iṣẹ́ pẹ́ńṣọ̀n tí o yàn sì ń fi í ṣòwò fún ọ. Owó tí o bá kó lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ ìfẹ̀yìntì, inú àkáǹtì yẹn lo ti bù ú. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n á fi ṣírò tí oṣooṣù.

Jẹ́ ká wo ìwé ìṣirò méjì tí ilé-iṣẹ́ pẹ́ńṣọ̀n rẹ fún ọ, tí o kà fún mi lórí fóònù. Mílíọ̀nù méjìdínlógún ló wà ní àkáǹtì rẹ. Ìwé àkọ́kọ́ ní bí o bá kó mílíọ̀nù mẹ́fà, wàá máa gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà lóṣù. Èkejì ní bí o bá kó mílíọ̀nù mẹ́ta péré, wàá máa gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínláàádóje, ìyẹn ₦125,000. Ìyàtọ̀ oṣù kan jẹ́ ₦25,000. Mú bírò, kí o pín mílíọ̀nù mẹ́ta sí ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n: ọgọ́fà oṣù ni, ọdún mẹ́wàá gbáko. Mílíọ̀nù mẹ́ta tí o fẹ́ fi kún tọwọ́ rẹ lónìí, ₦25,000 oṣooṣù lo fi ń rà á, láti ìgbà tí o bá pé ọgọ́ta títí di àádọ́rin. Ìyá wa pé mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún kí wọ́n tó lọ. Ronú sí i.

O sọ pé náírà ń jábọ̀, pé ₦25,000 kò ní tó ra àpò ìrẹsì kékeré láìpẹ́. Òótọ́ ni, mi ò lè bá ọ jiyàn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kí o má kó nǹkan kan. Ilé tí o kọ́ sí Mọ́níyà, ògiri rẹ̀ ti dúró, páànù ló kù, bẹ́ẹ̀ lo ṣì ń san owó ilé fún onílé lọ́dọọdún. Bí o bá kan páànù yẹn, owó ilé tí o kò ní san mọ́ ti di owó tó ń wọlé fún ọ, ó sì ń pọ̀ sí i bí owó ilé ṣe ń gbówó lórí. Ìyẹn tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ kó owó lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú mílíọ̀nù mẹ́fà lẹ́yìn páànù, níbo lo fẹ́ fi í sí? O ní kó kọ́kọ́ wà ní báǹkì ná, kí o máa wòye. Àkáǹtì báǹkì lásán náà ni náírà ti ń jábọ̀, Bàbá Ìbejì. Èyí tí o bá fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ pẹ́ńṣọ̀n ṣì ń pa owó lé owó bí o ṣe ń gba tìrẹ.

Èmi náà kó gbogbo èyí tí wọ́n gbà mí láyè láti kó. Mo fi díẹ̀ tún òrùlé ṣe, mi ò kábàámọ̀ ìyẹn. Mo fi ìyókù ra kòrópé, mo gbé e fún awakọ̀ tí àdúgbò bá mi wá. Ní oṣù kẹrin, wọ́n pè mí wá sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ní Ìwó Road. Ẹ́ńjìnnì ti wà nílẹ̀ lórí àpò símẹ́ńtì, epo dúdú ń sun jáde lábẹ́ rẹ̀, ọ̀rá tí wọ́n fi di àwọn nọ́ọ̀tì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Awakọ̀ ò tú omi rẹ̀ wò láti ọ̀sẹ̀ méjì. Títí dòní, ₦48,000 ni mò ń gbà lóṣù. Mo béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ pẹ́ńṣọ̀n mi lẹ́yìn náà pé ṣé mo lè tún bu díẹ̀ láti fi tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn fi pẹ̀lẹ́tù sọ ọ́: ẹ̀ẹ̀kan náà ni, lọ́jọ́ ìfẹ̀yìntì.

Ohun mìíràn tún wà tí o kò tíì bi mí. Wọ́n á ní kí o yàn bóyá ilé-iṣẹ́ pẹ́ńṣọ̀n ni yóò máa san án fún ọ lóṣooṣù, tàbí kí o gbé owó náà fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò, èyí tí wọ́n ń pè ní ànúítì. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò á máa san án fún ọ títí tí o fi máa kú, bí o tilẹ̀ pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ṣùgbọ́n tí o bá kú lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, àwọn ọmọ ò ní rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n dáàbò bò fún wọn. Lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ pẹ́ńṣọ̀n, ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú àkáǹtì jẹ́ ti àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n owó náà lè tán tí ẹ̀mí rẹ bá gùn ju èyí tí wọ́n fi ṣírò lọ. Láti ibí, o lè kọjá sí ànúítì tó bá yá. Bí o bá ti wọ ànúítì, o kò lè padà sẹ́yìn. Nítorí náà, ibi tí o ti lè yí ọkàn padà ni kí o kọ́kọ́ dúró sí.

Kí o tó fọwọ́ sí ìwé kankan, wò ó dáadáa bóyá owó iṣẹ́ tí o ti ṣe kí ètò tuntun yìí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004 ti wọ àkáǹtì. Ọdún 1991 lo wọṣẹ́, ọdún mẹ́tàlá ni ìyẹn, báǹkì àpapọ̀ ló sì ń fi í ránṣẹ́ lọ́tọ̀. Á hàn lórí ìwé àkáǹtì rẹ gẹ́gẹ́ bí owó kan tó wọlé lódindi, tí kò jọ àwọn ti oṣooṣù. Bí o kò bá rí i, a jẹ́ pé mílíọ̀nù méjìdínlógún yẹn kò tíì pé, ìwé méjèèjì tí o kà fún mi ò sì tíì tọ̀nà.

Mú ìwé àkáǹtì náà wá lọ́jọ́ Sátidé. Kí o sì lọ bá káfíńtà ní Mọ́níyà, kí ó kọ iye páànù, iye igi àti owó iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ. Iye tó bá wà nísàlẹ̀ bébà yẹn, òun la máa ní kí wọ́n kó fún ọ.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.