Ẹni Tó Ń Bú Ìròyìn Lè Ti Gbà Á Gbọ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n fèsì sí àpilẹ̀kọ yín tó ní ará Òṣogbo kò gba ìròyìn tẹlifíṣọ̀n gbọ́ mọ́, torí ṣe la máa ń bú u. Èébú kọ́ ló ń fi àìgbàgbọ́ hàn.

Ní 1973, Stuart Hall, ọmọ Jàmáíkà tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Birmingham, ṣàlàyé pé òǹwòran lè gba ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Ẹnì kejì lè gba ìpìlẹ̀ rẹ̀, kó wá yọ ọ̀rọ̀ ara tirẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹnì kẹta gbọ́ ọ yékéyéké, ó sì kọ ìpìlẹ̀ náà gan-an. Ẹni àárín yìí la máa ń ṣì pè ní alátakò.

Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, télọ̀ kan ní ṣọ́ọ̀bù agẹrun tí mo máa ń lọ lẹ́bàá Ọjà Ọba ṣépè fún ẹni tó ń ka ìròyìn títí ó fi parí. Ó wá ní: “Lóòótọ́, orílẹ̀-èdè ò lówó, ó yẹ kí wọ́n yọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n bá àwa tá a ń fi jẹnẹrétọ̀ ránṣọ wá nǹkan ṣe.” Awakọ̀ kan tí kò tíì sọ̀rọ̀ dáhùn pé: “Ta ni wọ́n ń pè ní orílẹ̀-èdè? Àwọn tó jẹ owó yẹn ńkọ́?” Pẹ̀lú gbogbo ariwo télọ̀, ohun tí ìròyìn sọ ló tún sọ, pé torí ire orílẹ̀-èdè ni. Awakọ̀ ló kọ̀ ọ́.

Olùwádìí kan, David Morley, náà rí irú èyí nínú ìwádìí tó tẹ̀ jáde ní 1980. Ó fi ètò tẹlifíṣọ̀n Nationwide ti BBC han àwùjọ 29. Àwọn ọ̀gá báǹkì fojú tín-ínrín bí wọ́n ṣe ṣe ètò náà, síbẹ̀ ojú ìwòye rẹ̀ lórí ọrọ̀ ajé kò jọ èrò ẹnikẹ́ni lójú wọn. Wọ́n gbà pé bí ayé ṣe rí náà nìyẹn. Àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kò kórìíra bó ṣe ń bá mẹ̀kúnnù sọ̀rọ̀, ohun tó ń sọ ni wọn ò gbà.

Ọ̀nà mẹ́ta Hall kò kúkú gba gbogbo ènìyàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú tí Morley bá sọ̀rọ̀ kò gbà, wọn ò sì jiyàn: wọ́n ní ètò náà kò kan àwọn rárá. Irú wọn pọ̀ ní Òṣogbo, àwọn tó jẹ́ pé bí ìròyìn bá ti bẹ̀rẹ̀, fóònù ni wọ́n á kọjú sí.

Bí òǹkọ̀wé yín bá tún fẹ́ dán wa wò, kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n ní kí oníkálukú fẹnu ara rẹ̀ ròyìn ohun tó gbọ́. Kí wọ́n wá wò ó bóyá “ire orílẹ̀-èdè” ṣì wà lẹ́nu ẹni tó ń bínú jù.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín, Òṣogbo