Déètì orí ìwé àṣẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sí ìsọ̀ agẹrun kan ní Òkè-Fíà níbi tí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta ti ń ka ìjábọ̀ ìnáwó ìjọba lórí fóònù. Ọ̀kan nínú wọn fi igbe ta pé wọ́n ti fi owó àtúnṣe ọkọ̀ ra epo jẹnẹrétọ̀, pé olè paraku ni wọ́n. Mo fẹ́ dá sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gùn ju ohun tí mo lè sọ kí wọ́n tó gẹrun mi tán. Ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé sí yín.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ akáùńtì ìjọba kí n tó fẹ̀yìntì, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ ní sẹkitéríàtì tó wà ní Abẹ́rẹ́. Ohun tí ọmọ yẹn pè ní olè lè jẹ́ olè, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òfin gba ilé-iṣẹ́ ìjọba láyè láti gbé owó kúrò lórí ìnáwó kan lọ sórí òmíràn láàárín ọdún. Fáyámẹ́ǹtì ni àwa òṣìṣẹ́ akáùńtì ń pè é. Ohun tó yẹ kí ọmọ náà béèrè ni pé ta ló fọwọ́ sí i, ọjọ́ wo ló sì fọwọ́ sí i.

Ohun kan wà tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú. Nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá fọwọ́ sí ètò ìṣúná, kì í ṣe owó ni wọ́n kó fún ilé-iṣẹ́ kan, àṣẹ ìnáwó ni wọ́n fún un. Abala 120 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ ọ́ gbangba pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fa owó yọ nínú àpò ìjọba ìpínlẹ̀ láìsí àṣẹ òfin. Bí ìṣúná bá kọ ₦4,800,000 sí ẹ̀gbẹ́ àtúnṣe ọkọ̀, ohun tó ń sọ ni pé ẹ kò gbọdọ̀ ná ju iye yẹn lọ lórí ọkọ̀. Kò sọ pé owó náà ti wà ní bánkì. Àṣẹ yìí gan-an ni fáyámẹ́ǹtì ń gbé. Ó ń dín in kù níbì kan, ó ń fi iye kan náà kún un níbòmíràn, àpapọ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà lè ná kò sì yí padà. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ kí àpapọ̀ pọ̀ sí i, ọ̀dọ̀ ilé aṣòfin ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń padà lọ, fún àfikún ìṣúná.

Kì í sì í ṣe orí ìnáwó gbogbo la lè gbé síra wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 21 jẹ́ ti owó oṣù àti àjẹmọ́nú òṣìṣẹ́. 22 ni ti ìnáwó ojoojúmọ́, bíi bébà, epo àti ìrìnàjò. 23 ni ti iṣẹ́ ńláńlá bíi ilé kíkọ́ àti ọ̀nà. Àtúnṣe ọkọ̀ ni 22020401, epo jẹnẹrétọ̀ ni 22020803. Ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì, a lè gbé àṣẹ láàárín wọn. Ṣùgbọ́n kí àṣẹ tí wọ́n fún kíkọ́ kíláàsì kúrò lábẹ́ 23 kó wá di epo lábẹ́ 22, èyí kì í ṣe ohun tí ilé-iṣẹ́ kan lè jókòó sínú yàrá rẹ̀ kó dá parí.

Ní ọdún 2022, èmi ni mo wà nídìí fóòtì búùkù, ìwé tí a ń kọ ìṣúná àti ìnáwó orí kọ̀ọ̀kan sí, ní ilé-iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ. Gbogbo wa la rántí ohun tí dísẹ́ẹ̀lì fojú wa rí lọ́dún yẹn. Lítà kan tí kò tó ₦300 ní oṣù Kìíní ti kọjá ₦700 kó tó di àárín ọdún. ₦3,600,000 ni ìṣúná wa fún epo jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí oṣù Keje fi máa parí, a ti ná ₦3,420,000 níbẹ̀, ₦180,000 péré ló kù, oṣù márùn-ún sì ṣì wà níwájú. Ní ti àtúnṣe ọkọ̀, ₦1,900,000 la ti ná nínú ₦4,800,000. Lójú ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè, ₦2,900,000 ló kù sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ, ọ̀gá ẹ̀ka ìṣàkóso kọ mémò pé kí a gbé ₦2,500,000 lọ sórí epo.

Ó kù díẹ̀ kí n fọwọ́ sí i. Nígbà tí mo tú àwọn ìwé ìbéèrè ọjà tó wà nílẹ̀ yẹ̀ wò, mo rí ẹ́lì-pí-ò kan fún táyà, ìyẹn ìwé tí a fi ń ra ọjà lọ́wọ́ oníṣòwò, ₦650,000, tí a kò tíì kọ sínú fóòtì búùkù. Oníṣòwò náà ti kó táyà dé, wọ́n ti de e mọ́ ọkọ̀, a kò tíì sanwó rẹ̀ ni. Owó tí a ti jẹ ní gbèsè kì í ṣe owó tó kù mọ́. Ohun tó kù gan-an ni ₦2,250,000. Ká ní a ti gbé ₦2,500,000 lọ, ₦400,000 ni ì bá ṣẹ́kù láti fi san ₦650,000 fún oníṣòwò yẹn. Ibí ni ọ̀pọ̀ gbèsè tí ìjọba ń jẹ àwọn oníṣòwò kéékèèké Òṣogbo ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa ń ro ó. Mo kọ mínìítì sí fáìlì pé ₦1,500,000 ni ká gbé, kí ₦750,000 kù fún ọkọ̀ títí ọdún á fi parí. Ọ̀gá akáùńtì gbà bẹ́ẹ̀, Akọ̀wé Àgbà fọwọ́ sí i, ìwé wa sì lọ sí ilé-iṣẹ́ tó ń mójú tó ìṣúná.

Ìwé kì í rìn kíákíá. Ó ṣì wà lọ́hùn-ún nígbà tí epo tán nínú jẹnẹrétọ̀. Ẹnì kan tẹ ọ̀gá wa kan láago pé wọ́n ti gbà á, pé ìwé ló kù. Ọ̀gá náà kò bèèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ, ó fọwọ́ sí ẹ́lì-pí-ò dísẹ́ẹ̀lì ₦900,000. Ìwé àṣẹ fáyámẹ́ǹtì dé lóòótọ́, ₦1,500,000 tí a béèrè ló wà nínú rẹ̀ láìdín kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ ni wọ́n buwọ́ lù ú.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn ọ̀dítọ̀ dé. Obìnrin kan láàárín wọn kò wo iye owó rárá. Ó gbé ẹ́lì-pí-ò kalẹ̀, ó gbé ìwé àṣẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fi ìka sí déètì méjèèjì. Lọ́jọ́ tí wọ́n ra epo yẹn, ₦180,000 nìkan ni àṣẹ tó wà lórí epo jẹnẹrétọ̀. ₦720,000 ni wọ́n ná láìsí àṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣẹ náà dé lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá, tí epo náà sì wọ inú jẹnẹrétọ̀ ní ti gidi. Àṣẹ tó dé lẹ́yìn kò lè padà lọ bo ohun tó ṣáájú rẹ̀.

Ẹnì kan dá a lábàá pé kí á lọ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tún ìwé àṣẹ náà tẹ̀, kí wọ́n fi ọjọ́ 17 sí i. Inú bí mi gan-an lọ́jọ́ náà. Yàtọ̀ sí pé ayédèrú ni, kò lè fara pamọ́. Ìwé àṣẹ yẹn ní nọ́ńbà ìwé tó ń jáde láti ibi tó ti wá. Rẹ́jísítìrì wa ti kọ ọ́ sínú ìwé ìgbàwọlé, wọ́n ti lu òǹtẹ̀ ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ sí i, wọ́n sì ti kọ fólíò 27, ìyẹn nọ́ńbà ipò rẹ̀ nínú fáìlì, sí orí rẹ̀. Fólíò 26 tó ṣáájú rẹ̀ nínú fáìlì jẹ́ ìwé ọjọ́ 25. Ẹni tó bá máa yí déètì kan padà níbẹ̀ ní láti yí mẹ́rin mìíràn padà ní ọ́fíìsì méjì. Ọ̀gá náà kọ àlàyé, ọ̀dítọ̀ sì kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ bó ṣe rí. Bí ó ṣe yẹ nìyẹn.

Kí ló yẹ kí ó ṣe lọ́jọ́ 19 yẹn? Kó ra epo ₦180,000, tó jẹ́ díẹ̀ lé ní 200 lítà, kí ó sì rán ẹnì kan tó máa gbé fáìlì náà lọ́wọ́ láti tábìlì dé tábìlì títí wọ́n á fi fọwọ́ sí i. Mo ti rí i kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ parí láàárín ọjọ́ méjì nígbà tí ẹni tó gbé e kò bá kúrò níbẹ̀.

Bí gbogbo ìwé tí a fi ń tọpinpin àṣẹ bá pé, ẹ̀yin tí ẹ kò ṣiṣẹ́ ìjọba rí náà lè ka fáìlì náà bí ìtàn. Mémò ìbéèrè wà níbẹ̀ tó sọ ìdí. Ẹ̀dà ojú ìwé fóòtì búùkù ti orí méjèèjì wà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú gbèsè tó wà nílẹ̀. Mínìítì àwọn ọ̀gá tẹ̀ lé e, olúkúlùkù pẹ̀lú orúkọ, ipò àti déètì. Lẹ́yìn náà ni ìwé àṣẹ fúnra rẹ̀, tí ẹ̀dà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Akáùńtáǹtì-Jẹ́nẹ́rà àti Ọ̀dítọ̀-Jẹ́nẹ́rà. Níkẹyìn, fóòtì búùkù yóò dín ₦1,500,000 kù lórí 22020401, yóò fi ₦1,500,000 kún 22020803 lọ́jọ́ kan náà, nọ́ńbà ìwé àṣẹ kan náà yóò sì wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ibi tí ẹ bá ti rí àfikún tí kò ní àdínkù tó bá a mu, ẹ dúró níbẹ̀ kí ẹ béèrè.

Olóòtú, nínú ìjábọ̀ ìṣúná oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tí àwọn ọ̀dọ́ yẹn ń kà, iye owó nìkan lèèyàn ń rí. Ohun tí mò ń bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ wa fún kò ná wọn ní kọ́bọ̀: kí wọ́n fi òpó méjì kún un, ọ̀kan fún nọ́ńbà ìwé àṣẹ fáyámẹ́ǹtì, èkejì fún déètì rẹ̀. Títí wọn yóò fi ṣe é, mo bẹ ẹ̀yin náà pé kí àwọn akọ̀ròyìn yín lo Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011, tó fún ọ́fíìsì ìjọba ní ọjọ́ méje láti fèsì. Kí wọ́n mú ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, kí wọ́n sì béèrè ìwé mẹ́ta péré: ìwé àṣẹ, ojú ìwé fóòtì búùkù ti orí méjèèjì, àti ẹ́lì-pí-ò àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ lẹ́yìn rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akáùńtáǹtì tó ti fẹ̀yìntì,
Òkè-Fíà, Òṣogbo.