Ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yin oníbàárà wa lórí màsíkárà àti àiláínà

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ̀yin àǹtí, ẹ̀yin ìyàwó tuntun, ẹ kú àtìlẹ́yìn. Mo mọ̀ pé inú ń bí àwọn kan nínú yín torí a ní a máa yí bá a ṣe ń fi màsíkárà àti àiláínà kun ojú yín padà, owó ẹ̀ á sì lé, mo ti rí mẹ́sééjì yín, ẹ ní owó la wá, ẹ ní ṣé màsíkárà tá a ti ń lò bọ̀ látọjọ́ yìí ló wá di májèlé lójijì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó bínú.

Látoṣù tó ń bọ̀, búrọ́ọ̀ṣì tó bá ike màsíkárà wá ò ní kan ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Búrọ́ọ̀ṣì à-lò-sọnù la ó máa lò, tá a bá tì í bọnú ike, tá a fi kan irun ìpénpéjú yín, kò ní wọnú ike yẹn mọ́ láéláé, tá a bá tún fẹ́ bu sí i, òmíràn la máa mú, ojú ọ̀tún ọ̀tọ̀, ojú òsì ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó nípọn dáadáa lè jẹ búrọ́ọ̀ṣì mẹ́rin-márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Ike tá a bá sì ti ṣí, tó bá ti pé oṣù 3, a máa jù ú nù, ì báà ṣẹ́ ku ìdajì.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó dùn mí jù. Ẹni tó ń kó ọjà fún wa, a ti jọ ń ṣe bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́, ló kó páálí kan wá, ó ní tuntun ni. Mo ṣí ọ̀kan, mo rí èérún dúdú tó ti gbẹ mọ́ ẹnu ike, búrọ́ọ̀ṣì gbé kókó-kókó jáde, òórùn ẹ̀ sì ti yàtọ̀. Ẹlòmíì ti ṣí i lò, wọ́n kàn lẹ rọ́bà mọ́ ọn padà ni. Mo dá a padà, kò dá owó mi padà, ó tún ní mo ti ń gbéra ga. Ibi tá a ti ń rà báyìí wọ́n jùyẹn lọ, àmọ́ wọn ò ṣí i rí. Ṣé kí n fi nǹkan ẹlẹ́gbin kun ojú yín torí kí owó má baà lé ni?

Omi wà nínú màsíkárà, òkùnkùn wà nínú ike, kòkòrò àìfojúrí ò sì fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fi kẹ́míkà tó ń dá kòkòrò dúró sí i o, ṣùgbọ́n bá a ṣe ń lò ó ni agbára ẹ̀ ń dínkù. Irun ìpénpéjú gbogbo wa ló ní kòkòrò, títí kan ti ẹni tójú ẹ̀ ń dán. Ká ní èèyàn mẹ́ta ló jókòó láàárọ̀ kan, tí àpólò ti wà lára ẹni àkọ́kọ́ àmọ́ tójú ẹ̀ ò tíì pọ́n. A fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, a tì í padà, a fi kun ẹnì kejì, ẹnì kẹta. Lọ́jọ́ mélòó kan sí i, ẹnì kẹta jí, ipin ti lẹ ojú ẹ̀ pọ̀, ojú ń pọ́n, ó ń rin ín. Kò ní rántí màsíkárà, á ní eruku ni. Tí búrọ́ọ̀ṣì bá wá ha ẹyinjú, kòkòrò bíi Sùdómónásì lè gba ojú ọgbẹ́ yẹn wọlé, ìyẹn lè ba ìríran jẹ́. Tójú bá ń dunni gan-an, tí ìmọ́lẹ̀ ń ni ín lára tàbí tó ń ríran bàìbàì, dókítà ojú lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe oògùn ojú ti aládùúgbò.

Àiláínà olómi, bákan náà ni pẹ̀lú màsíkárà. Ti pẹ́ńsù pẹ́ díẹ̀, torí a máa ń gbẹ́ orí ẹ̀ kúrò kó tó kan ẹlòmíì, a ó sì fi sípíríìtì nu ohun tá a fi gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀ wá ká fà á sínú etí ìpénpéjú mọ́. Ẹ wò ó dáadáa nínú dígí, ẹ máa rí ihò tín-tìn-tín tó tò sẹ́yìn irun yẹn, ibẹ̀ ni òróró ti ń jáde sójú, àiláínà ń dí i.

Ẹ lè mú tiyín wá, a ó bá yín lò ó, àmọ́ tó bá ti gbẹ, ẹ má bu omi tàbí itọ́ sí i, ẹ má sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì pọ́ńpù nínú ike, atẹ́gùn lẹ̀ ń fún un. Tí àpólò bá mú yín, èyí tẹ́ ẹ̀ ń lò lásìkò yẹn, ẹ jù ú nù, kódà bó jẹ́ àná lẹ rà á.

Ẹni tójú ẹ̀ bá ń pọ́n, a ò ní kun ojú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ má bá mi jà, a ó sún un síwájú láìgba kọ́bọ̀ lé e. Ẹni tó bá sì ti san owó sílẹ̀ kí oṣù tuntun tó wọlé, iye àtijọ́ la máa gbà lọ́wọ́ ẹ̀.