Ìlà tí wọ́n fi rúlà nà dé ọdún 2156

Ẹ̀yin Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Nǹkan kan tó jáde lójú ewé eré ìdárayá yín ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí, níbi tẹ́ ẹ ti kọ ọ́ pé àwọn onímọ̀ ti ṣírò ẹ̀ pé tó bá di Olíńpíìkì ọdún 2156, obìnrin máa sáré 100 mítà ju ọkùnrin lọ. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ló mú ìwé ìròyìn náà wá sí sùkúù wa ní Òkè-Fìà níbí, kí n tó wọlé wọ́n ti pín sí méjì, àwọn obìnrin ń pariwo, àwọn ọkùnrin ń jiyàn. Inú mi dùn pé wọ́n ń ka ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá, torí kì í ṣe bóyá obìnrin lè sáré ju ọkùnrin ni wàhálà ibẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ọdún 2156 yẹn ni wàhálà, ẹ ò sì sọ ìkankan nínú ẹ̀ fún wa.

Iṣẹ́ náà wà lóòótọ́ o. Andrew Tatem àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní Nature lọ́dún 2004, kété lẹ́yìn Olíńpíìkì Àtẹ́ńsì. Ohun tí wọ́n ṣe ò le. Wọ́n kó àkókò tí ẹni tó gba góòlù fi sáré 100 mítà ní Olíńpíìkì kọ̀ọ̀kan jọ, tọkùnrin láti 1900, tobìnrin láti 1928 torí ọdún yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà fún obìnrin láti sá a, wọ́n to gbogbo ẹ̀ sórí gíráàfù, wọ́n wá fa ìlà gbọọrọ kan gba àárín tọkùnrin, wọ́n fa ìkan gba àárín tobìnrin. Ìlà tobìnrin ń sọ̀kalẹ̀ kíákíá ju tọkùnrin lọ. Wọ́n wá ń na ìlà méjèèjì lọ síwájú títí wọ́n fi pàdé, ibi tí wọ́n ti pàdé yẹn ni 2156, obìnrin á fi nǹkan bíi 8.08 sẹ́kọ́ńdì sá a, ọkùnrin á fi 8.10.

Ẹ bá mi wo ọdún yẹn dáadáa. Dátà tó wà nílẹ̀ fún obìnrin, láti 1928 sí 2004, ọdún 76 ni. Láti ibi tí dátà ti parí títí dé 2156, ọdún 152 ni, ìlọ́po méjì gbáko. Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya gíráàfù náà sí ojú bọ́ọ̀dù fáwọn ọmọ, mo jẹ́ kí dátà gba ìdajì bọ́ọ̀dù, mo wá ní kí ọmọ kan máa na ìlà lọ. Bọ́ọ̀dù tán kó tó débì kankan, ó bọ́ sára ògiri, ó kọjá wíńdò kó tó dé 2156. Nígbà yẹn ni kíláàsì dákẹ́, torí wọ́n rí i fúnra wọn pé kò sí àmì ẹyọ kan lára ògiri yẹn, ìlà nìkan ló wà níbẹ̀.

A wá ṣe ìṣirò ẹ̀ ní tiwa, ọ̀nà tó rọrùn jù, àmì àkọ́kọ́ àti àmì ìkẹyìn péré. Ní 1928 obìnrin tó gba góòlù fi 12.2 sẹ́kọ́ńdì sá a, ní 2004 ó jẹ́ 10.93. Ó dín ní 1.27 láàárín ọdún 76, ìyẹn nǹkan bíi 0.0167 lọ́dún kan. Ó dáa. Tá a bá ń yọ 0.0167 lọ́dọọdún, ọdún mélòó ni 10.93 máa fi tán pátápátá? Ọdún 654. Ìyẹn ni pé ní nǹkan bí ọdún 2658, obìnrin á sá 100 mítà láì lo àkókò kankan, tó bá sì kọjá bẹ́ẹ̀ á ti dé ìparí kí wọ́n tó yin ìbọn. Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ rí i o, ẹnì kan tó ń jẹ́ Kenneth Rice kọ lẹ́tà sí ìwé Nature náà lọ́dún 2004 yẹn kan náà, ó ní bí wọ́n ṣe fa ìlà yẹn, ní nǹkan bí ọdún 2636 àkókò tí wọ́n á fi sáré á kéré sí òdo. Ẹ tún yí ìlà náà padà sẹ́yìn, ẹ gbé e lọ sí ọdún kìíní lẹ́yìn ikú Olúwa, á sọ fún yín pé obìnrin tó yára jù láyé ìgbà yẹn á fi bíi sẹ́kọ́ńdì 44 sá 100 mítà, ọmọ ọdún márùn-ún á sá a kíá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé 2658 ò lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ọ̀nà tó bí 2658 náà ló bí 2156, ìlà gbọọrọ tí wọ́n ń nà lọ ni méjèèjì. Tí ẹ bá gbà pé irọ́ ló ń pa ní 2658, ọdún wo ló bẹ̀rẹ̀ irọ́? Ìlà ò lè sọ fún yín, torí kò mọ nǹkan kan nípa ẹsẹ̀ èèyàn, kò mọ iṣan, kò mọ egungun, àmì tí wọ́n gbé síwájú ẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Ibi tó ká mi lára jù nìyí o, pé èèyàn ò tiẹ̀ nílò láti dúró de ọjọ́ iwájú kó tó rí i pé ìlà yẹn ò ní lè lọ jìnnà, ó wà nínú dátà yẹn fúnra ẹ̀. Ẹ pín in sí méjì ní 1968. Láti 1928 sí 1968, àkókò obìnrin bọ́ láti 12.2 sí 11.08, ó dín ní 1.12 láàárín ogójì ọdún. Láti 1968 sí 2004 ńkọ́? Láti 11.08 sí 10.93, 0.15 péré, ọdún 36 gbáko. Tọkùnrin náà rí bẹ́ẹ̀, 11.0 ní 1900, 9.95 ní 1968, 9.85 ní 2004. Ìyàtọ̀ tó dé bá wọn ní apá àkọ́kọ́ pọ̀, ní apá kejì ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Nǹkan tó ń tẹ̀ ni wọ́n fi ìlà gbọọrọ bò mọ́lẹ̀.

Ó sì nídìí tó fi tẹ̀. Ní 1928 obìnrin tó ń sáré kò pọ̀ láyé, orílẹ̀-èdè tó ń rán wọn lọ kò pọ̀, bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹni tó yára ń jáde. Ní 1948 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo irin tí wọ́n ń ti ẹsẹ̀ mọ́ níbi ìbẹ̀rẹ̀ eré ní Olíńpíìkì. Ní Mẹ́síkò ní 1968 wọ́n kúrò lórí ilẹ̀ elérùpẹ̀ẹ́, wọ́n bọ́ sórí pápá oníròbà irú èyí tí wọ́n ń lò káàkiri báyìí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Èèyàn ò lè kúrò lórí erùpẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìlà gbọọrọ ń ṣe bí ẹni pé irú ẹ̀ á máa ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún láìdáwọ́ dúró.

Ìyá kan tó bá wọn ọmọ ẹ̀ ní ọsibítù mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ọmọ tuntun máa ń gùn tó nǹkan bí 50 sẹ̀ńtímítà, tó bá pé ọdún kan á ti tó 75. Tí èèyàn bá fi rúlà na ìyẹn dé ọmọ ogún ọdún, mítà márùn-ún àbọ̀ ló máa bá, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó ṣi ọmọ yẹn wọ̀n.

Àwọn kan á ní àwọn onímọ̀ yẹn fi àyè sílẹ̀ o. Òótọ́ ni, wọ́n kọ ọ́ pé ó lè tètè jẹ́ ní 2064, ó sì lè pẹ́ di 2788. Ẹ ò fi ìyẹn síbẹ̀ rárá, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ tún jẹ́ ká mọ ohun tí àyè yẹn wà fún. Ó ń sọ pé, tó bá jẹ́ pé ìlà gbọọrọ lóòótọ́ ni nǹkan yìí, ibi tí ìlà náà lè wà rèé, torí pé àwọn àmì ń yẹ̀ sókè sódò. Kò sọ nǹkan kan nípa bóyá ìlà gbọọrọ ni tàbí òmíràn, ó ti gba ìyẹn gẹ́gẹ́ bí òótọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Nínú kíláàsì mi, ọmọ kan fi ọwọ́ lásán fa ìlà tó tẹ̀ gba àárín àmì kan náà, ó bá àwọn àmì mu bí ti rúlà, bóyá ó tiẹ̀ dáa jù ú lọ. Nínú dátà, ìlà méjèèjì ń tẹ̀lé ara wọn. Tó bá ti jáde síta, ìkan ń wálẹ̀ lọ sí òdo, ìkejì ń nà gbalaja lórí nǹkan bíi 10.5. Àmì tó wà nílẹ̀ ò lè yan ìkan fún yín nínú méjèèjì.

Ọ̀nà kan wà tí ẹnikẹ́ni lè fi dán irú ìlà bẹ́ẹ̀ wò, kò sì gba ìmọ̀ púpọ̀. Ẹ yọ apá kan dátà kúrò, ẹ tún ìlà fà, ẹ wò ó bóyá ìdáhùn á dúró sójú kan. Àmì méjì-méjì tá a lò ní kíláàsì fún tọkùnrin àti tobìnrin, ìbẹ̀rẹ̀ àti 2004, sọ fún wa pé 2195 ni ìlà méjèèjì á pàdé. A yọ gbogbo ohun tó ṣáájú 1968 kúrò, ìdáhùn fò kọjá 2780. Eré kan náà ni o, ọdún tá a ti bẹ̀rẹ̀ nìkan la yí padà, tó fi jẹ́ pé ó sún síwájú ní ohun tó lé ní 580 ọdún. Ìdáhùn tó bá ń fò báyẹn, kò yẹ kí ìwé ìròyìn gbé e jáde bí ìròyìn.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fa ìlà kọjá dátà rárá. Tó bá jẹ́ ìgbésẹ̀ kékeré, ó máa ń gbé e. Ìlà tiwa yẹn sọ pé ní 2021 obìnrin á fi nǹkan bíi 10.65 gba góòlù, ní Tókíò Elaine Thompson-Herah sì fi 10.61 gbà á, ó súnmọ́ra gan-an. Ní Pàríìsì ní 2024 ó ní á jẹ́ 10.60, Julien Alfred fi 10.72 gbà á. Ogún ọdún péré nìyẹn lẹ́yìn tí dátà wọn parí, ó kù 132 kó tó dé ibi tí wọ́n ní ìlà méjèèjì á ti pàdé.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín rèé, ẹ̀yin Olóòtú. Tí ẹ bá tún fẹ́ gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde, ì báà jẹ́ eré sísá, ì báà jẹ́ iye èèyàn tó máa wà ní Òṣogbo ní àádọ́ta ọdún sí i, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ọdún tí dátà ti bẹ̀rẹ̀ àti ọdún tó parí sí ẹ̀gbẹ́ àsọtẹ́lẹ̀ náà, tí ẹ bá sì ya gíráàfù, ẹ jẹ́ kí ìlà tó kọjá dátà jẹ́ tó-tò-tó kí ojú lè rí ibi tí wọ́n ti kúrò lórí ohun tí wọ́n rí. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ 2064 sí 2788 yẹn jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn ọmọ kíláàsì mi ń dúró dè é.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà ìṣirò kan,
Òkè-Fìà, Òṣogbo.