Owó ẹgbẹ́ tó o ní ò ń san lásán

Fúnkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ọ̀kún o! Ṣé àlàáfíà lo wà ní Pọta? Ọyẹ́ ti dé sí Kábà o, ètè gbogbo wa ti funfun.

Ọ̀rọ̀ tó o sọ lórí fóònù yẹn, pé ọdún kẹrin rèé tó o ti ń san owó ẹgbẹ́ àwa akántáǹtì tó ò sì rí nǹkan kan ju risíìtì àti kàlẹ́ńdà lọ, èmi náà ti wà níbẹ̀ rí. Mo tiẹ̀ wọ kọmítì wẹ́fíà nígbà yẹn, inú mi dùn pé orúkọ mi wà lórí lísìtì, odindi ọdún kan a ò jókòó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ọjọ́ tá a sì jókòó náà, ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ nìkan la sọ. Látìgbà náà kí n tó gba iṣẹ́ kankan, mo máa ń bi wọ́n pé kí la fẹ́ gbé jáde gan-an, ìgbà wo ló máa parí? Tí wọn ò bá lè dá mi lóhùn, mo máa ní ẹ jọ̀ọ́, ó di ìgbà míì.

Èyí tó yí nǹkan padà fún mi ni kọ́nfáráǹsì wa ní Lọ́kọ́ja. Mo bẹ akọ̀wé pé kí wọ́n fi mí sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń pín táàgì, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ táwọn èèyàn ń dé, torí gbogbo ẹni tó bá wá gbọ́dọ̀ kọjá níwájú ẹ, o máa wo orúkọ, o máa wo ojú, tílẹ̀ bá mọ́ ìwọ lò ń kí wọn lórúkọ. (Wọ́n fẹ́ gbé mi lọ síbi ìrẹsì o, mo kọ̀, àwa obìnrin ni wọ́n máa ń rán lọ síbẹ̀, ta ló fẹ́ bá ẹni tó ń bu ọbẹ̀ sọ̀rọ̀ ọ́díìtì?)

Lọ́dún tó tẹ̀lé e wọ́n ní kí n darí ìjókòó kan, olùsọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú mo tẹ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láago, mo béèrè bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ wọn, kí ni kí n sọ nípa wọn ní gbólóhùn méjì. Mo kọ ìṣẹ́jú 5, ìṣẹ́jú 2 àti DÚRÓ sórí káàdì gàdàgbà, mo jókòó síbi tí wọ́n ti máa rí i, torí tí ẹni àkọ́kọ́ bá jẹ àkókò, ẹni ìkẹta ló máa jìyà ẹ̀. Mo sì fi ìbéèrè kan pamọ́ dè é, torí tó o bá ní ta ló ní ìbéèrè, gbogbo ilé á dákẹ́ lọ gbáà. Alàgbà kan nínú wọn ló ní kí n máa pe òun, òun náà ni mo pè lóṣù tó kọjá nígbà tí ìwé kọpurétíìfù kan ní Ìyàrá rú mi lójú, ká ní mi ò mọ̀ ọ́n, n bá ṣì jókòó tì í.

Owó mọ́tò láti àpò ara mi ni o, má rò pé wọ́n ń san án. Àwọn kan á sì fẹ́ sọ ẹ́ di ẹrú, torí náà iṣẹ́ kan péré lọ́dún ni kó o gbà. Kọ tẹ́ẹ̀sì sí akọ̀wé yín báyìí, kí wọ́n tó pín iṣẹ́ tán.

Bá mi kí àwọn ọmọ. Iṣu ẹ ti wà nílẹ̀, mò ń wá ẹni tó ń bọ̀ níbẹ̀ yẹn.

Tìẹ,
Bísí