Ọkọ ọmọ kọ́ ló yẹ kó ṣe ẹlẹ́rìí

Olóòtú,

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Òkè-Àró, Àkúrẹ́, kọ ìwé ìhágún kó tó kú. Ó ní kí ilé òun di ti ọmọbìnrin tó tọ́jú òun dójú ikú. Ẹlẹ́rìí méjì jọ wà níbẹ̀ nígbà tí bàbá buwọ́ lù ú, àwọn náà sì buwọ́ lù ú lójú rẹ̀, bí òfin ṣe fẹ́. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé ọkọ ọmọbìnrin náà wà lára wọn. Ìwé náà kò bàjẹ́ o, ṣùgbọ́n ilé bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà: òfin kò gbà kí ẹlẹ́rìí, tàbí ọkọ tàbí aya ẹlẹ́rìí, jẹ nínú ohun tí ìwé pín. Ilé náà wá di ara ìyókù dúkìá tí bàbá ní kí gbogbo ọmọ pín. Ó dùn mí wọra.

Aládùúgbò tí kò ní ìpín kankan níbẹ̀ ì bá ti tó. Ẹlẹ́rìí kò tilẹ̀ ní láti mọ ohun tí a kọ sínú ìwé náà. Ìbuwọ́lù bàbá nìkan ló ń jẹ́rìí sí.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín, Àkúrẹ́