Ọ̀rọ̀ tí Ìyálọ́jà sọ nípa fọ́tò ọjà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa ọ̀rọ̀ tí Ìyálọ́jà bá àwa ọlọ́jà Akẹ̀sán sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Ọ̀yọ́ níbí. Ẹ kọ ọ́ pé màmá ní kí á máa wádìí ẹni tó ń kó ọjà fún wa kí á tó sanwó. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀ jù lọ ni bí a ṣe ń yẹ fọ́tò ọjà wò, kò sì sí èyí nínú ìròyìn yín rárá. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa.

Mílíìkì alágolo ni màmá fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹnì kan tí o kò rí rí á fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp: páálí mílíìkì tó kún yàrá kan dé òkè àjà. Iye tó máa dá lé e á fi díẹ̀ rẹlẹ̀ sí iye tí ò ń rà á n'Íbàdàn, kò ní rẹlẹ̀ jù kí o má baà fura. Á ní kí o san ìdajì owó kí ọkọ̀ lè gbéra lálẹ́ ọjọ́ náà, torí pé ẹlòmíì ti ń béèrè ọjà ọ̀hún.

Wọ́n ní kí á kọ́kọ́ wo òkè fọ́tò náà. Bí WhatsApp bá kọ "Forwarded" síbẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ni fọ́tò náà ti gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Èyí nìkan kò sọ ẹni náà di olè, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lè ti yà á fún un. Àmọ́ ó yẹ kí o béèrè ẹni tó yà á, kí o sì gbọ́ bó ṣe máa dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni àìsí ọ̀rọ̀ yẹn níbẹ̀ kò dá a láre, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ tọ́jú fọ́tò sórí fóònù rẹ̀, tó wá fi ránṣẹ́ látibẹ̀, WhatsApp kò ní kọ nǹkan kan sí i.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣi èyí mú. Fọ́tò tí WhatsApp bá gbé wọ fóònù Android máa ń ní orúkọ bíi IMG-20250312-WA0007, àwọn kan á sì sọ pé, "Ẹ wò ó, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ni wọ́n yà á." Rárá o. Ọjọ́ tí fọ́tò náà gba orí WhatsApp kọjá ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Fọ́tò ọdún márùn-ún sẹ́yìn tó bá wọlé lónìí, ọjọ́ òní ni yóò gbé.

Ìgbà yìí ni màmá ní kí ọmọbìnrin kan gbé fóònù sókè kí gbogbo wa lè rí bí wọ́n ṣe ń lo Google Lens, ohun tí a fi ń wá ibi tí fọ́tò kan ti jáde rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó tọ́jú irú fọ́tò mílíìkì bẹ́ẹ̀ kan sórí fóònù, ó ṣí Google, ó tẹ àwòrán kámẹ́rà kékeré tó wà nínú àpótí ìwákiri, ó sì mú fọ́tò náà níbẹ̀. Kíá ni àwọn fọ́tò tó jọ ọ́ yọ. Ó tẹ "Exact matches", fọ́tò yẹn gan-an sì jáde lórí ìkànnì kan tó ń ta ẹrù ní ìlú mìíràn, pẹ̀lú orúkọ oníṣòwò mìíràn. Àwọn páálí kan náà, ògiri kan náà, àní àkàbà tó fara ti ògiri náà kò yẹ̀. Gbogbo ìpàdé ló dákẹ́. Wọ́n tún ní kí á máa wo ọ̀rọ̀ tó wà lára páálí, torí àwọn kan máa ń yí fọ́tò sí òdìkejì kí Lens má baà dá a mọ̀. Bí wọ́n bá ti yí i, lẹ́tà ara páálí á dojú kọ ẹ̀yìn.

Obìnrin kan lẹ́yìn mi wá pariwo pé, "Tí kò bá ti jáde níbẹ̀, owó yá nìyẹn!" Àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí. Fọ́tò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láàárín WhatsApp nìkan, Google kò lè rí i. Oníjìbìtì lè gba fọ́tò lọ́wọ́ ọlọ́jà gidi kan bí ẹni fẹ́ rajà, kó wá fi rán sí ọ lọ́jọ́ kejì. Bí Lens bá rí i lábẹ́ orúkọ ẹlòmíì, o ti mọ̀ pé irọ́ wà ńlẹ̀. Bí kò bá rí i, o kò tíì mọ nǹkan kan.

Ohun tó kù láti ṣe nígbà náà ni kí o ní kí ẹni tó fẹ́ ta ọjà náà ya fọ́tò tuntun. Màmá ní kí o mú ọ̀rọ̀ kan tí kò lè ròtẹ́lẹ̀, kí ó fi ọwọ́ kọ ọ́ sórí bébà pẹ̀lú orúkọ rẹ, kí ó gbé bébà náà lé páálí kan, kí ó yà á. Kí ó tún gbé e lé páálí mìíràn láti ẹ̀gbẹ́, kí ó yà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ó pè ọ́ lórí fídíò, kí ó ṣí páálí tí ìwọ bá nawọ́ sí, kí ó sì dorí agolo kan kodò kí o lè rí ọjọ́ tí ìlò rẹ̀ máa parí àti bááṣì nọ́ńbà. Ẹni tó ní ọjà nílẹ̀ kì í pẹ́ ṣe gbogbo èyí. Ẹni tí kò ní, ọ̀rọ̀ iná mànàmáná àti kámẹ́rà tó bàjẹ́ ni yóò máa sọ.

Nọ́ńbà NAFDAC tó hàn nínú fọ́tò dára láti yẹ̀ wò lórí greenbook.nafdac.gov.ng, àmọ́ ẹni tó ń ṣe ayédèrú lè da nọ́ńbà tòótọ́ kọ. Bákan náà, ẹ wo orúkọ tó jáde lórí fóònù nígbà tí ẹ bá tẹ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀. Bó bá ní ilé-iṣẹ́ ni òun, tí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo tí ẹ kò gbọ́ rí wá jáde, ẹ dáwọ́ dúró.

Èyí tí màmá kò sọ, tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé jáde, ni ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dé. Ẹ má pa fọ́tò wọ̀nyẹn rẹ́. Kí ẹ tó já ẹrù, ẹ ṣí páálí mélòó kan, ní iwájú àti ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ fi bááṣì nọ́ńbà ìdí agolo wé èyí tí ẹ rí lórí fídíò, kí ẹ sì fi ọjọ́ ara páálí wé ti agolo. Bí ọjọ́ méjèèjì bá yàtọ̀, bí yíǹkì rẹ̀ bá ń ṣí mọ́ ìka, tàbí bí ẹ bá rí òjìji nọ́ńbà mìíràn lábẹ́ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi ọjọ́ tuntun bo ti àtijọ́. Ẹ fi dírẹ́bà ṣe ẹlẹ́rìí, kí ẹ yà á ní fọ́tò kí ó tó lọ.

Kì í ṣe gbogbo ìyá wa ló lè lo fóònù bẹ́ẹ̀. Mo ń bẹ ẹgbẹ́ kí wọ́n fi ọ̀dọ́ kan sí ọ́fíìsì ní ọjọ́ ọjà, ẹni tó máa bá àwọn àgbà yẹ fọ́tò wò kí wọ́n tó sanwó, tó sì máa kọ nọ́ńbà fóònù àti àkáǹtì tí wọ́n ti fi lu jìbìtì sínú ìwé kan tí gbogbo wa lè kà. Bí ẹ bá tẹ lẹ́tà yìí, màá gé e jáde, màá sì mú un lọ sí ìpàdé tó ń bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọlọ́jà kan ní Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́.